pH kan náà, ẹlẹ́ṣẹ̀ méjì: bí a ṣe ń ka èsì gáàsì ẹ̀jẹ̀ nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì

Aláìsàn méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé ka iwájú àwọn àbúrò tó bá wá kàwé ìdánwò nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ mi. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọkùnrin ọdún 22 tó ní àtọ̀gbẹ. Ó ti tó ọjọ́ méjì tó ti gún ínsúlìnì gbẹ̀yìn. Ó ń bì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré ìje tán, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ẹnìkejì jẹ́ ìyá ẹni ọdún 50 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé. Wọ́n ti fún un ní mọ́fíìnì nítorí ìrora, ó wá ń sùn wọra, ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ló sì ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Èsì gáàsì ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì dé. pH ọmọkùnrin náà, ìyẹn ìwọ̀n kíkan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 7.24. Ti ìyá náà, 7.24.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ti kan, ó sì kan dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tó mú ti ọ̀kan kan kọ́ ló mú ti èkejì kan, ìtọ́jú wọn kò sì jọra rárá. Ẹni tí ìdánwò ń wá ni ẹni tó lè sọ èyí tí ẹ̀dọ̀fóró fà àti èyí tó ti ibòmíràn wá.

Nígbà tí èmi fúnra mi ń kàwé, ọmọkùnrin yẹn ni mo ṣì. Mo rí i pé ó ń mí kíákíá. Mo sì ti kà á pé ẹni tó bá ń mí kíákíá ń tú CO2 dànù, mo bá mú rẹsipirétọ́rì alikalósíìsì, mo sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn pẹ̀lú ìdánilójú. Ìtàn ni mo kà, mi ò ka nọ́ńbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bo ìtàn mọ́lẹ̀. Mo máa ń ka nọ́ńbà mẹ́ta náà tán, mo máa ń sọ orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n tó padà sídìí ìtàn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀: mínírà àti káún

Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbí: pH, PaCO2, ìyẹn ìwọ̀n CO2 inú ẹ̀jẹ̀, àti HCO3. Ẹni tó bá fẹ́ há wọn sórí láìmọ ohun tí wọ́n jẹ́, ọjọ́ ìdánwò ni yóò yí wọn pọ̀.

CO2 ni gáàsì tó ń hó nínú mínírà, òun ló ń ta wá lẹ́nu nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìgò. Bó bá ti wọnú omi, ásíìdì ló ń dà. Nínú ara wa, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lé e jáde. Bí èèyàn bá ń mí díẹ̀, CO2 á gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì kan. Bó bá ń mí jù, CO2 á tán lára rẹ̀.

HCO3, tí a ń pè ní bàìkábọ́nétì, ni káún inú ẹ̀jẹ̀. Ìfiwéra lásán kọ́ o, ó wà nínú káún tí a ń fi se ewédú ní tòótọ́. Bí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún, á hó ṣùù: káún ń pa ásíìdì, CO2 sì ń jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn. Kíndìnrín ló ń pa HCO3 mọ́, òun ló sì ń ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ásíìdì tó bá wá láti ibi tí kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró lè jẹ ẹ́ tán, ìgbẹ́ gbuuru sì lè gbé e lọ.

Nítorí náà, CO2 tó pọ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ kan, HCO3 tó pọ̀ ń mú un kúrò ní kíkan. Gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín dúró lórí gbólóhùn yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà

Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lábẹ́ ara wọn. Ẹ má ṣe é lórí. Bí wọ́n bá fún yín ní pátákó kékeré tí a ń kọ, tí a ń nù, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún yín nìyí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi lẹ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: A bó bá fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀nà ásíìdì, K bó bá fà á sí ọ̀nà káún, D bó bá wà ní déédéé.

Ìwọ̀n tí ìwé ìdánwò ń lò fún àgbàlagbà nìyí:

```
pH      7.35 – 7.45
PaCO2   35 – 45 mmHg
HCO3    22 – 26 mEq/L
```

pH tó bá wà lábẹ́ 7.35 gba A, èyí tó bá kọjá 7.45 gba K. PaCO2 tó bá kọjá 45 gba A, nítorí pé ásíìdì ló pọ̀ yẹn, èyí tó bá wà lábẹ́ 35 sì gba K. HCO3 tó bá wà lábẹ́ 22 gba A, torí káún ti dín kù, èyí tó bá kọjá 26 gba K.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni PaCO2. Ojú wọn ti mọ́ ọn pé nọ́ńbà tó bá lọ sílẹ̀ túmọ̀ sí ásíìdì, bíi ti pH, wọ́n á sì fún PaCO2 24 ní A. Ẹ rántí mínírà. Gáàsì tó kù díẹ̀, kíkan rẹ̀ náà á dín kù. PaCO2 24 gba K.

Ti ọmọkùnrin alátọ̀gbẹ nìyí:

```
pH      7.24   A
PaCO2   24     K
HCO3    10     A
```

Ti ìyá tó ti tíátà dé nìyí:

```
pH      7.24   A
PaCO2   60     A
HCO3    25     D
```

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ń jẹ́ lẹ́tà kan náà pẹ̀lú pH?

Ẹni tó bá ń jẹ́ lẹ́tà kan náà pẹ̀lú pH ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ PaCO2, rẹsipirétọ́rì ni. Bó bá jẹ́ HCO3, mẹtabọ́líìkì ni. Lẹ́tà pH fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìyókù orúkọ náà: A ni asidósíìsì, K ni alikalósíìsì.

Ti ọmọkùnrin: pH jẹ́ A, HCO3 jẹ́ A. Mẹtabọ́líìkì asidósíìsì ni. PaCO2 rẹ̀ jẹ́ K, ìyẹn ni pé ó ń fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ní kíkan. Ẹni tó ń gbìyànjú láti pa iná kọ́ ló dá a. Mímí hẹlẹhẹlẹ tó tàn mí jẹ nígbà yẹn, ara ló fi ń gbèjà ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mímí kíákíá ni àìsàn rẹ̀, pH rẹ̀ kì bá wà ní 7.24, òkè 7.45 ni à bá ti bá a.

Ti ìyá: pH jẹ́ A, PaCO2 jẹ́ A. Rẹsipirétọ́rì asidósíìsì ni. Mọ́fíìnì ti mú kí ọpọlọ gbàgbé mímí, CO2 ń gbá jọ, kò sẹ́ni tó ń lé e jáde.

Àwọn kan fẹ́ràn láti há a sórí, wọ́n á ní CO2 ń bá pH ṣòdì, HCO3 ń bá pH ṣọ̀rẹ́: bí pH bá lọ sílẹ̀ tí CO2 lọ sókè, ẹ̀dọ̀fóró ni, bí pH àti HCO3 bá jọ lọ sí ọ̀nà kan, mẹtabọ́líìkì ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni mo fara mọ́, nítorí ẹ̀rù ìdánwò kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ẹni tó ń ṣòdì àti ẹni tó ń ṣọ̀rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ni ẹni tó kù ń ṣe?

Nọ́ńbà kan ṣì wà tí a kò tíì bi léèrè. Òun ló ń sọ bóyá ara ti ń gbèjà ara rẹ̀.

Bí ẹni tó kù bá jẹ́ D, ìgbèjà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ti ìyá wa nìyẹn: HCO3 rẹ̀ jẹ́ 25, bíi pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró lè yí CO2 padà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n kíndìnrín kì í kánjú. Ó ń lò tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kó HCO3 jọ dáadáa. CO2 tó ga pẹ̀lú HCO3 tó wà ní déédéé ń sọ fún wa pé wàhálà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, lónìí yìí ni.

Bí ẹni tó kù bá mú lẹ́tà òdìkejì, tí pH kò sì tíì padà sí déédéé, ìgbèjà ti bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì pé. Ti ọmọkùnrin nìyẹn.

Bí ẹni tó kù bá tún mú lẹ́tà kan náà pẹ̀lú pH, kò sí ìgbèjà kankan níbẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ di méjì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí padà lè ní pH 7.08, PaCO2 60, HCO3 17. A, A, A. Kò mí, ẹran ara rẹ̀ kò sì rí ọ́síjìn, àwọn méjèèjì ló jọ ń ta ásíìdì sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má fi ipá wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ wá ìdáhùn tó dárúkọ méjèèjì.

Nígbà tí pH bá ní ara òun le

Èyí ló ń ya ẹni tó há ìwé sórí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó yé. Bàbá ẹni ọdún 68 kan ti mu sìgá fún ogójì ọdún, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ti bàjẹ́ tipẹ́. Èsì rẹ̀ nìyí:

```
pH      7.36
PaCO2   58     A
HCO3    32     K
```

pH wà ní déédéé. Ẹlòmíràn á ní kò sóhun tó ṣe bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn méjì tó kù, kò sí èyí tó wà láàyè rẹ̀. Àwọn méjì ń fa okùn, ọ̀kan síwá, ọ̀kan sẹ́yìn, agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni okùn fi dúró. Níbi báyìí nìkan ni a ti ń pín pH sí méjì láti àárín, ní 7.40. Èyí tó bá wà lábẹ́ 7.40 gba A, èyí tó bá wà lókè rẹ̀ gba K. 7.36 gba A, PaCO2 náà jẹ́ A, nítorí náà rẹsipirétọ́rì asidósíìsì tí ìgbèjà rẹ̀ ti pé ni.

Ìdí tí a fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbèjà ara kì í kọjá ààlà. Bí ásíìdì ló bẹ̀rẹ̀ ìjà, ara lè ti pH padà dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í tì í kọjá àárín lọ sọ́wọ́ káún. Ibi tí pH bá fì sí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹlòmíràn tó ti ń bì láti bí ọjọ́ mélòó kan: pH 7.43, PaCO2 48, HCO3 31. PaCO2 tún jẹ́ A, HCO3 tún jẹ́ K, bíi ti bàbá gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n 7.43 fì sọ́nà K, nítorí náà HCO3 ni ẹlẹ́ṣẹ̀, mẹtabọ́líìkì alikalósíìsì ni. Ásíìdì inú ikùn ló ti bì dànù, káún wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró sì rọra ń mí díẹ̀ kí CO2 lè dúró. Lórí bẹ́ẹ̀dì gidi, ẹ̀dọ̀fóró kì í sábà gbèjà mẹtabọ́líìkì tó le dé déédéé báyìí. Ìwé ìdánwò fẹ́ràn rẹ̀ ju wọ́ọ̀dù lọ.

Ẹ má fi 7.40 ṣe ààlà nígbà tí gbogbo nọ́ńbà bá wà ní déédéé o. pH 7.37, PaCO2 42, HCO3 24, ara ẹni yẹn le. Mo ti rí ẹni tó wá àìsàn fún irú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ padà sídìí ìtàn

Ìgbà tí orúkọ bá ti wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tó ṣí ìtàn. Ìbéèrè kì í sábà dúró lórí orúkọ, yóò béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ ṣe. Níbí ni pH 7.24 méjèèjì ti pínyà.

Ti ìyá, èémí ni ìṣòro, èémí sì ni ìtọ́jú. A ó jí i, a ó ṣí ọ̀nà èémí rẹ̀, a ó fi báàgì àti másìkì ràn án lọ́wọ́ bí mímí rẹ̀ kò bá tó, a ó sì fún un ní nálóksóònù bí wọ́n ti kọ ọ́. Bí ẹ bá rí ìdáhùn tó ní kí a fún un ní bàìkábọ́nétì, ẹ fò ó. Káún rẹ̀ kò dín kù, 25 ni. Ẹ tún máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn tó bá jí, torí agbára nálóksóònù lè tán kí mọ́fíìnì tó tán lára rẹ̀.

Ti ọmọkùnrin, ara rẹ̀ ń ṣe ásíìdì nítorí àìsí ínsúlìnì. Omi iyọ̀ 0.9% ló ń ṣáájú nínú dírípù, ínsúlìnì rẹ́gúlà gba inú iṣan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí a bá ti wo pọ́táṣíọ́ọ̀mù rẹ̀. Bí pọ́táṣíọ́ọ̀mù bá wà lábẹ́ 3.3, a ó kọ́kọ́ gbé e sókè, torí ínsúlìnì á tún rọ èyí tó kù lọ sínú sẹ́ẹ̀lì, ọkàn lè dà rú.

Ìdáhùn kan máa ń wà níbẹ̀ tó dùn ún wò: kí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bó ṣe máa rọra mí, tàbí kí ó fún un ní oògùn tó máa fi í lọ́kàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Bí a bá mú un mí bíi tiwa, tí PaCO2 rẹ̀ padà sí 40 nígbà tí HCO3 ṣì wà ní 10, pH rẹ̀ á já láti 7.24 sí nǹkan bí 7.02. Mímí yẹn ló gbé e dúró. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti fẹ́ pa á.

Ìdí nìyẹn tí ìṣirò kan fi dára láti mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò kì í sábà béèrè rẹ̀. Nínú mẹtabọ́líìkì asidósíìsì, ó ń sọ iye tó yẹ kí PaCO2 jẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró bá ń gbèjà bó ti yẹ:

```
PaCO2 = (1.5 × HCO3) + 8, ±2
```

Ti ọmọkùnrin jẹ́ 1.5 × 10 + 8, ìyẹn 23. Ó ní 24, nítorí náà ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí èsì wákàtí méjì lẹ́yìn ìgbà náà bá ní PaCO2 35 pẹ̀lú HCO3 10, ẹ má yọ̀ pé CO2 ti wà ní déédéé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kò lè mí bí ó ti ń mí mọ́, kí ẹ tètè pe dókítà.

Bàbá onísìgá ńkọ́? Kíndìnrín rẹ̀ ti bá a tún nǹkan ṣe fún ọdún pípẹ́. Ìbéèrè tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ọ́síjìn: 88% sí 92% ni a ń fẹ́ lórí ìka rẹ̀, a kì í lé e dé 100%.

Ohun méjì tó ń dí èèyàn lójú

PaO2 máa ń wà nínú èsì, ó sì máa ń dẹ́rù bani bó bá kéré. Kò sọ ohunkóhun nípa ásíìdì àti káún. Ẹ ka mẹ́ta àkọ́kọ́ tán kí ẹ tó wò ó.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń kàwé fún Bìrìtìkó yóò bá kPa pàdé dípò mmHg. Déédéé PaCO2 níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4.7 sí 6.0. Ẹni tó bá rí PaCO2 8.0, tó fi í wé 35, á ní CO2 ti tán lára aláìsàn, nígbà tó jẹ́ pé 60 mmHg ìyá wa ni 8.0 kPa yẹn. Bí ojú yín bá mọ́ mmHg jù, ẹ fi 7.5 sọ ọ́ di púpọ̀. HCO3 lè wá ní mmol/L, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ gbìyànjú mẹ́ta

Ẹ bo ìdáhùn kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ọmọbìnrin kan nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ọwọ́ ń ta á ṣinṣin, ètè rẹ̀ ń kú: pH 7.52, PaCO2 29, HCO3 23. K, K, D. Rẹsipirétọ́rì alikalósíìsì, ìgbèjà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òun gan-an la máa kọ́ bó ṣe máa rọra mí.

Ẹni tí wọ́n fi rọ́bà fa omi inú ikùn rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta: pH 7.51, PaCO2 47, HCO3 36. K, A, K. Mẹtabọ́líìkì alikalósíìsì, ìgbèjà kò tíì pé. Ẹ wo pọ́táṣíọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ẹnìkan tí ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ lẹ́nu: pH 7.31, PaCO2 30, HCO3 15. A, K, A. Mẹtabọ́líìkì asidósíìsì, ìgbèjà kò tíì pé. Bí ó bá ń mí kíákíá nínú ìtàn tiyín, ẹ ti mọ ohun tó ń bá jà.